Iṣu Àwọn Tó Dákẹ́

Kí òmìnira tó dé, ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní Kàbà, a ń lọ káàkiri oko, a ń béèrè iye iṣu tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà jáde. Àwọn tó ní àká ńlá ni kì í sábà dáhùn: wọn kì í ka iṣu lójú àlejò.

Ẹlẹgbẹ́ mi kàn yọ wọ́n kúrò, ó ṣírò ìyókù, ni Kàbà bá di ìlú ebi lórí ìwé. Inú bí mi gan-an. Ọ̀gá wa ní ká fi ìpíndọ́gba àwọn tó dáhùn, iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a bá pín in dọ́gba, dí àlàfo wọn. Ìpíndọ́gba ò yí padà rárá!

Mo ní, “Ọ̀gá, a ṣáà fojú rí àká wọn. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn díẹ̀ tó dáhùn tí àká wọn tóbi bẹ́ẹ̀, ká fi tiwọn dí i.” A ṣe bẹ́ẹ̀, ìpíndọ́gba ga sókè, ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi, ọ̀kan lára àwọn tó dákẹ́, bi mí pé, “Ṣé ẹ ti mọ iye iṣu mi?”

“A fojú bù ú ni, bàbá.” Mo sọ iye rẹ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó kọjú sí ìyá mi: “Gún iyán sí i. Ọmọ yìí kò tíì rí iṣu.”