Eèsún Tí Mo Kà Sí Ilẹ̀

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá jókòó tì mí nínú mọ́tò. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń fò yóò gbé láídà lọ sókè. Láídà náà yóò máa ta ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí sí ìsàlẹ̀, yóò sì máa ka bí ìmọ́lẹ̀ náà ti pẹ́ tó kí ó tó padà. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kan nǹkan ni yóò di àmì kan, pẹ̀lú ipò rẹ̀ àti gíga rẹ̀. Bí a bá kó gbogbo àmì náà jọ sórí kọ̀ǹpútà, a ó rí òrùlé, ewé, wáyà iná, táńkì omi, ọkọ̀ tí ẹnìkan pa tì sí ojú ọ̀nà, àti ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ilẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti yọ gbogbo ìyókù kúrò títí yóò fi ku ilẹ̀ nìkan, nítorí ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí omi yóò gbà kò wá òrùlé. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹni náà á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o,” á sì padà sórí fóònù rẹ̀.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ la kọ̀tò ńlá tí yóò máa gbé omi òjò kúrò ní agbègbè mẹ́ta: apá kan ní Ìfọ̀, apá kan ní Mòwé níbi tí èmi fúnra mi ń gbé, àti apá kan ní Ìbàfò. Ẹnjiníà tó gba iṣẹ́ náà ní kí n ya ojú ilẹ̀ fún òun. Mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní gbogbo àárín ọ̀sẹ̀ nígbà náà; mo máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yìn mi a sì ti le bí pákó kí n tó padà dé. Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà. N kò sọ èyí láti wá àwáwí. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé àárẹ̀ wà lára ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìfọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ pupa ti gbẹ́ ẹ lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó wá ku òkìtì tí etí wọn dúró ṣánṣán láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tí mo ń lò máa ń kọ́kọ́ ṣa àwọn àmì tó wà nísàlẹ̀ jù, yóò so wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí a bá na aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé wọn lórí, lẹ́yìn náà yóò wá yẹ àmì kọ̀ọ̀kan tó kù wò bóyá ó sún mọ́ aṣọ náà tó láti jẹ́ ilẹ̀. Èmi ni mo ń sọ fún un bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó. Iye kékeré ni mo kọ́kọ́ fún un, ó sì gé orí gbogbo òkìtì Ìfọ̀ dànù bí ẹni pé ilé ni wọ́n. Mo fi kún un díẹ̀díẹ̀, mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, mo ń fi kún un, títí gbogbo òkìtì fi padà sípò. Ó gbà mí ní Sátidé púpọ̀.

Nígbà tí mo wá gbé àmì Ìbàfò sórí kọ̀ǹpútà, mo lo iye kan náà. N kò ronú lé e lórí. Iye tí mo fi ìyà púpọ̀ rí dà bí ohun tó dára níbi gbogbo.

Mo ṣe àyẹ̀wò o. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí a jọ ń wọn ilẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti fi ọ̀pá sátẹ́láìtì, tí ń sọ ipò àti gíga ibi tí a bá gbé e lé, wọn ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ gan-an, kí n lè fi wé tèmi. Gbogbo wọn bá ara wọn mu; ìyàtọ̀ wọn kò tó ìbú ọwọ́. Ohun tí n kò bi ara mi ni ibi tí a ti wọ̀n wọ́n. Orí títì ni, ojú àgbàlá ni, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kò sí èyí tí a wọ̀n nínú irà, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ wọ inú irà.

Ẹnjiníà gba iṣẹ́ mi, ó wá ibi tó lọ sílẹ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì fa ìlà kọ̀tò sí ibẹ̀. Ìlà náà gba inú àdúgbò kan ní Ìbàfò kọjá, ó gba orí ilé mẹ́ta. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì ìwólulẹ̀ sára ògiri ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀kan nínú àwọn onílé náà ni màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, opó, tó kó wá láti apá Ọ̀ṣun. Yàrá méjì ló wà ní ẹ̀yìn tí ó fi rẹ́ǹtì, owó rẹ́ǹtì náà ni ó ń jẹ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó sọ fún ẹnjiníà pé òun kò ní buwọ́ lu ìwé kankan títí ẹni tó ya ilẹ̀ náà yóò fi wá wo ilẹ̀ náà. Ẹnjiníà pè mí.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi wá dá màmá yẹn lóhùn. Ó ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni pé mo wà ní kíláàsì.”

Mo lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn mi tó le ti gbà mí láyè tó.

“Ẹ dìde, ẹ dìde,” ni ó wí. “Ẹ̀yin lẹ wó ilé mi lórí kọ̀ǹpútà?”

Mo ní a kò wó ilé kankan, Mà. Mo ní a yọ gbogbo ilé kúrò ni, kí a lè rí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn.

“Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?”

Lóòótọ́, nínú iṣẹ́ mi, kò sí ilé níbẹ̀. Ètò náà ti mọ̀ pé òrùlé rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀, ó ti mú un kúrò, ó sì ti fi ilẹ̀ tó yí i ká dí ojú ihò náà. Ibẹ̀ ni ẹnjiníà rí tó ṣófo, tó sì lọ sílẹ̀.

Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Irà bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀, eèsún sì ga níbẹ̀ ju ènìyàn lọ, ó ki, ó so mọ́ra. Ó bi mí pé, “Nínú ìwé yín, ibí yìí ńkọ́? Ó ga ju ilẹ̀ ilé mi lọ, àbí ó relẹ̀ sí i?”

Mo ṣí máàpù náà lórí fóònù mi. “Ó ga jù ú lọ, Mà. Ó dà bí ebè gígùn kan.”

“Ó dáa. Ẹ wo ògiri mi.”

Lára ògiri ẹ̀yìn náà ni ó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ní gbogbo ìgbà òjò láti ìgbà tó ti kó dé, ìlà kan fún ibi tí omi dé ní ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọdún náà tí a fi ìkọ̀wé olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó tún ìlà èyíkéyìí tí òjò bá ti fọ̀ fà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọjá búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀.

“Tí ebè yín bá wà níbẹ̀,” ó ní, “tó dí ẹ̀yìn mi pa, níbo ni omi àdúgbò yìí ń gbà lọ? Yàrá mi ni ó yẹ kó ti máa sùn. Ọmọ mi, o kàwé; lọ tún un kà.”

Mo dúró níwájú àwọn ìlà ṣọ́ọ̀kì náà, mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tí mo ti ṣe kí n tó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tó. Mo ní láti wọ̀n ọ́n.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà wọ bàtà rọ́bà, a mú àdá, a wọ inú irà. Ó ń ṣán eèsún níwájú, èmi ń gbé ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti so àwo irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá náà kí ó má bàa rì sínú ẹrẹ̀.

“Ọ̀gá,” ó ní, “ṣé ejò ibí mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ni yín?”

“Máa ṣán lọ.”

“Mo kàn ń bèèrè ni. Kó má lọ rò pé sọ́féyọ̀ lásán ni.”

Ibi mẹ́rìndínlógún ni a wọ̀n. Ní ibi kejì, mo yọ fóònù mi láti fi gíga tó wà níbẹ̀ wé ti iṣẹ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà bi mí pé kí ló dé.

“Bí máàpù mi bá jẹ́ òtítọ́,” mo ní, “wọ́n ti sin èmi àti ìwọ dé àyà.”

Ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó kéré tán, orí wa ṣì wà níta.”

Bí ó ti rí nìyí: eèsún náà ki débi pé ìmọ́lẹ̀ láídà díẹ̀ péré ló ríbi gbà dé ilẹ̀, àwọn tó kù kan ewé àti pòròpórò, wọ́n sì padà. Ètò mi tó yẹ kó kọ àwọn àmì orí ewé náà sílẹ̀ gbà wọ́n, nítorí pé èmi ni mo sọ fún un ní Ìfọ̀ pé ohun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí aṣọ náà ṣì lè jẹ́ ilẹ̀. Iye tó dá òkìtì Ìfọ̀ padà ni ó sọ koríko Ìbàfò di ebè. Omi sì ń gba abẹ́ ebè náà lọ ní gbogbo ọdún láìmọ̀ pé mo ti dí i.

Mo tún iṣẹ́ náà ṣe. Mo ya irà sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ gbígbẹ, mo fún un ní iye tó kéré gan-an, àwọn àmì ewé sì bọ́ kúrò. Ní ibi tí kò sí àmì kankan tó dé ilẹ̀, mo fi ihò sílẹ̀, mo sì fi ibi mẹ́rìndínlógún tí ẹsẹ̀ wa dé dí èyí tí wọ́n lè dí nínú wọn. Ebè náà parẹ́. Ibi tó lọ sílẹ̀ jù bọ́ sí àárín irà, lẹ́yìn ilé màmá náà, níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí ẹnjiníà, mo sì kọ ọ́ ní kedere pé àṣìṣe náà ti ọwọ́ mi wá. Ó pè mí. Ó hàn nínú ohùn rẹ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́ bíi tèmi.

“Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ kò kúkú sọ pé ẹ̀rọ ni?”

“Ẹ̀rọ wọn ohun tó bá pàdé. Èmi ni mo pè é ní ilẹ̀.”

Ó ní òun á tún ìlà náà fà. Ó sì fà á. Ìlà náà kúrò lórí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èmi fúnra mi ni mo mú ìwé náà lọ fún màmá. Ó wọ awò rẹ̀, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó sì fi bírò ṣàtúnṣe ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n tẹ̀ ṣì. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, “Ṣé ó dá ọ lójú báyìí?”

“Ó dá mi lójú ní ibi tí ọ̀pá mi dé, Mà. Ní ibi tí kò dé, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dé.”

Ó ka èyí náà sí èsì. Ó ti ra ọ̀dà funfun sílẹ̀ kí n tó dé, ẹni tó rẹ́ǹtì yàrá rẹ̀ kan sì ti kun ògiri iwájú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀dà pupa náà ṣì ń yọ lábẹ́ rẹ̀, kò pupa tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé rí. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì, mo kun ún lẹ́ẹ̀kejì. Màmá jókòó lórí àga ní ẹnu ọ̀nà, ó ń tọ́ka sí ibi tó ṣì pupa, mo sì ń padà síbẹ̀.