Pánẹ́ẹ̀lì Tí Ọ̀gá Mi Fi Ọwọ́ Lù

Ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ panẹ́bítà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohun kan wà tí kì í gbà fún ọmọṣẹ́ kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá níwájú ṣẹ́ẹ̀dì wa lójú ọ̀nà Ìkọ̀yà, tó sì kí wa kú iṣẹ́, a gbọ́dọ̀ dáhùn. Kì í ṣe pé ká kàn kùn lábẹ́ imú. A ó gbé orí sókè, a ó wo ẹni náà, a ó dáhùn kó gbọ́. Ọmọṣẹ́ tó bá dákẹ́, ilé ni yóò lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lé mi lọ sílé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta kò wáyé.

Ìkíni ojú ọ̀nà yẹn kò mọ níwọ̀n. Àwọn obìnrin tó ru ẹyìn láti oko yóò kí wa, ọlọ́kadà yóò kí wa láìdúró, àwọn ará ìjọ aládùúrà tó ń ti ìsìn bọ̀ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, náà yóò kí wa. Gáàsì káábáìdì àti ẹlẹ́kítíróòdù, ọ̀pá irin tín-ín-rín tí iná ń yọ́ sórí iṣẹ́, la fi ń jórin nígbà náà, a sì ti mọ bí a ṣe ń dáhùn láìdá iṣẹ́ dúró. Ọwọ́ á máa lọ, ẹnu á máa dáhùn. Mo gbà pé bí gbogbo ajórin ayé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn tí mo gba òmìnira, mo ní ṣẹ́ẹ̀dì tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkìtìpupa, lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀gá dàgbà, ojú wọn sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Iná ìjórin tí wọ́n fi ojú lásán wò nígbà èwe wọn wà lára ohun tó fà á, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Nígbà tó yá, wọn ò rí ju òjìji lọ. Wọ́n pa ṣẹ́ẹ̀dì tiwọn dé, àmọ́ wọ́n ń fi ọ̀pá wá sí tèmi lójoojúmọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa gbọ́ ìró iṣẹ́.

Wọ́n ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan tí ìpẹtà ti jẹ irin òkè táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ojú wọn tó lọ tán, wọ́n ti gé páànù irin tuntun, wọ́n sì fi òòlù lù ú lórí àpò iyanrìn títí ó fi tẹ̀ bí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Òun ni pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lù kẹ́yìn. Ó wà lára ògiri yàrá wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi òróró pa á kó má baà pẹtà. Wọn ò ní í lè lu òmíràn mọ́, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ pé mo ti ra ẹ̀rọ ìjórin tuntun tí à ń pè ní mígì, wọ́n rán ènìyàn gbé pánẹ́ẹ̀lì náà àti ọkọ̀ náà wá kí n jó o mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà mí ju bí inú mi ṣe dùn lọ.

Mígì yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ́. Ẹ̀rọ náà ló ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀ látinú ìbọn tí a mú lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ sìlíńdà sì ń jáde yí wáyà náà ká kí atẹ́gùn má baà ba irin tó yọ́ jẹ́. Bí o bá ti tẹ ohun tó wà lábẹ́ ìka, iná ti dé. Àfìgbà tí o bá tú ìka sílẹ̀ ni yóò kú. Ará Èkìtì kan tó ń bójú tó yàrá ẹ̀rọ ní yunifásítì ló wá tò ó fún mi. Onímọ̀ ni, ó sì mọ̀ pé onímọ̀ lòun. Ó fi odindi ọ̀sán kan bú gbogbo àṣà tí mo ti kọ́.

Ó ní wáyà tí mo rà ti nípọn jù fún ara ọkọ̀, kí n lọ wá èyí tó tín-ín-rín jù lọ lọ́jà. Bọ́tìnnì méjì ló wà lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan fún agbára iná, ọ̀kan fún ìyára wáyà. Ó yí ti iná lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fún mi ní àjákù bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò nípọn ju pánẹ́ẹ̀lì lọ, ó ní kí n máa dánwò. Bí wáyà bá ń sáré jù, yóò máa gún irin, yóò sì máa ti ìbọn padà sí mi lọ́wọ́. Bó bá ń falẹ̀ jù, yóò yọ́ padà títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ẹnu ìbọn. Nígbà tí méjèèjì bá bára mu, ìró rẹ̀ á dà bí àkàrà nínú epo gbígbóná, kò ní í máa já. Ó ní kí n máa yí irin náà padà wo ẹ̀yìn rẹ̀: kí ó yọ kókó díẹ̀ lẹ́yìn, kó má lu. Nítorí atẹ́gùn ojú ọ̀nà, a ta tapólì sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì ṣẹ́ẹ̀dì, a sì ṣí afẹ́fẹ́ sìlíńdà sí bíi lítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Mo jó àjákù fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ Ọ̀gá.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo tú bátìrì, mo sọ tánkì epo kalẹ̀, mo gbé e jìnnà. Mo gé ibi tó ti jẹrà kúrò, mo họ ọ̀dà àti òróró kúrò níwájú àti lẹ́yìn títí irin fi ń dán. Mo de wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, mọ́ irin dídán nítòsí ibi tí mo fẹ́ jó. Pánẹ́ẹ̀lì náà jókòó sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń lọ ló lù ú, kò sì sí ibi kan tí mo ní láti fi òòlù kàn.

Nínú irin tín-ín-rín, a kì í fa ìlà lọ gbọọrọ. Tákì la ń ṣe: ká tẹ̀ ẹ́, ká ka ení, ká tú ìka sílẹ̀. Mo fi ọ̀kan sí igun òkè, ọ̀kan sí igun ìsàlẹ̀, ọ̀kan sáàárín, lẹ́yìn náà mo ń pín àlàfo tó kù sí méjì, mo sì ń fò láti ibì kan sí ibòmíì kí ooru má baà kó jọ sójú kan kí irin sì wọ́. Kí n tó ṣe èyí tó kàn, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ irin náà wò bóyá ó ti tutù. Ó ń lọ dáadáa. Mo ti ṣe mẹ́wàá.

Bí mo ṣe tẹ ìkọkànlá báyìí ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ kú uṣẹ́ o.”

Mo gbé orí sókè. Mo dáhùn pé, “Óò, ẹ káàbọ̀, Ọ̀gá,” bí wọ́n ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Ohùn mi dún lábẹ́ akoto ìjórin tó bo ojú mi. Ọwọ́ mi sì dúró sójú kan, ìka mi kò sì tú sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ẹlẹ́kítíróòdù jórin kò ní ohun tó ń tẹ̀, nítorí náà ìka mi kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ òun. Kí n tó wo ilẹ̀, ihò tó tó ẹ̀wà kan ti lu lára pánẹ́ẹ̀lì náà, etí rẹ̀ sì ń pọ́n.

Mo rò ó pé wọn ò ríran, pé mo lè dí i, kí n fi fílà, ohun bí amọ̀ tí a fi ń dí ara ọkọ̀, bò ó, kí ọ̀dà sì bo fílà náà. Ẹ má wò mí bí olè. Gbogbo ẹni tó bá ti ba nǹkan àgbà jẹ́ rí mọ bí ọkàn ṣe ń yára ronú.

Àmọ́ etí wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti lu.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n dúró kó tutù. Wọ́n wá fi àtàńpàkò wá ihò náà, wọ́n rí i, wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n bi mí pé ṣé ìgbà tí àwọn kí mi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n lọ sílé. N kò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n dé ṣẹ́ẹ̀dì tí wọn ò jókòó, ó sì dùn mí dé egungun. Ìyàwó mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò lọ, ojú ń tì mí.

Mo mú páìpù bàbà tó jáde lára fíríìjì àtijọ́, mo lù ú pẹlẹbẹ, mo gbé e sẹ́yìn ihò náà kí ó máa fa ooru, nítorí irin kì í lẹ̀ mọ́ bàbà. Mo wá ń tẹ díẹ̀díẹ̀ láti etí ihò wá sí àárín títí ó fi dí. Mo họ ọ́. Ó dán. Ìdajì ibi tí mo fẹ́ jó náà ṣì kù, n kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ara mi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé akoto kí n tó mọ̀ pé Ọ̀gá ti dé. Wọn ò kí mi. Wọ́n gbé àga kan, wọ́n gbé e lọ síta pátápátá, lẹ́bàá títì, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Mo rò pé ìbínú ni. Mo tẹ tákì kan, mo tú ìka sílẹ̀.

Obìnrin kan kọjá, ó kí wa kú iṣẹ́. Ọ̀gá ló dáhùn. Mo dúró, mo tẹ òmíràn. Ọlọ́kadà kan kọjá, wọ́n dáhùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé kọjá, wọ́n kí wa ní kọ̀ọ̀kan bí ọmọdé ṣe máa ń kí, Ọ̀gá sì dá gbogbo wọn lóhùn ní kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan tó ń ti oko bọ̀ wá dúró. Ó ní ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni.

Ọ̀gá ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi náà ni mo ń dáhùn fún un lónìí. Ẹ jẹ́ kí ọma mi ṣe uṣẹ́ rẹ̀.”

Bàbá yẹn bá tirẹ̀ lọ. Omi bo ojú mi nínú akoto, n kò rí ibi tí wáyà fẹ́ sọ̀ sí mọ́. Mo tú ìka sílẹ̀, mo ṣí akoto, mo nu ojú mi, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ tọ́ irin náà wò. Ó ti tutù. Mo tún tẹ ọ̀kan sí i, ẹlòmíì sì kọjá lójú títì, Ọ̀gá sì dá a lóhùn.