Edé Ìwáyà àti Ìgbákọ Làbákẹ́

Ọdún mọ́kànlélógún ni Làbákẹ́ fi di ìgbákọ Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ mú ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábàá, kò sì sí ẹni tó dábàá láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìntì ni. Ohun mẹ́rin ló fi ń yangàn: ìrẹsì rẹ̀ kì í lẹ̀, ọbẹ̀ rẹ̀ kì í kan, ẹran rẹ̀ kì í le, ẹnikẹ́ni kò sì jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ rí kí inú rẹ̀ run. Òfin kan ṣoṣo ló gbé ẹ̀kẹrin yìí dúró, a sì máa kà á sétí àwọn ọ̀dọ́bìnrin bíi kátékísìmù: "Ohunkóhun tó bá ti inú omi jáde, ẹ sè é títí yóò fi gbàgbé odò tó ti wá."

Nígbà tí a fẹ́ gba alùfáà tuntun àti ìyàwó rẹ̀ lálejò, ìrẹsì àti edé tútù ni ẹgbẹ́ fẹnu kò sí. Shakirat ará Ìwáyà, tó ti ń ta ẹja fún wọn láti ọdún méje, ló gbé edé náà wá sí ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Abọ́ mẹ́ta ló kó wọn sí: kékeré, alábọ́dé, ńlá.

"Àǹtí, mo ti ṣà wọ́n fún yín o," ni Shakirat wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Wọn kì í jinná lẹ́ẹ̀kan náà."

Làbákẹ́ rẹ́rìn-ín. "Shakirat, ìgbà wo lo di ọ̀gá mi nídìí ààrò? Bí a bá ṣà wọ́n tán, ṣé inú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọn yóò lọ ni?"

Bí Shakirat ti kọ ẹ̀yìn, Làbákẹ́ da abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìkòkò kan, ó bu omi tútù lé e, ó gbé e kaná, ó dé e, ó sì wọ gbọ̀ngàn lọ kọ orin ìkíni-káàbọ̀. Orin náà ní ẹsẹ mẹ́fà. Alùfáà dúpẹ́, ìyàwó rẹ̀ náà dúpẹ́. Nígbà tí Làbákẹ́ fi padà sídìí ìkòkò, ó ti lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Edé tó kún ìkòkò dẹ́nu ti dín kù, ó ku bí ìdajì. Ó ní ọ̀rá wọn ló yọ́ sínú omi, ó sì bù wọ́n sórí ìrẹsì.

Lórí tábìlì ni àṣírí ti tú. Ìyàwó alùfáà jẹ ọ̀kan, ó tún un jẹ, ó sì rọra fi ìnujú gbà á lẹ́nu. Akínyẹlé, ọmọ ìjọ kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, kò ní irú ìtẹríba bẹ́ẹ̀.

"Màmá Làbákẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó kù síbẹ̀? Ẹ bá mi dì í. Mo ní oníbàárà tó ń wá irú rọ́bà yìí fún Tòyótà rẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ojú Làbákẹ́ gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò sí i. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́: "Edé ló bàjẹ́. Edé ọjọ́ mẹ́ta ni Shakirat kó fún wa."

Ààrẹ ẹgbẹ́, Màmá Rosaline, gbọ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ní ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ó wá ẹlẹ́ja mìíràn."

Lọ́jọ́ Ajé, Làbákẹ́ di ìyókù edé sínú ike, ó gba Ìwáyà lọ. Kì í ṣe láti tọrọ àforíjì. Ẹ̀rí ló gbé lọ́wọ́, kí Shakirat fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Shakirat ṣí ike, ó gbé edé kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ẹ wò ó, ó ká bí òrùka, ìrù rẹ̀ ń fẹnu ko orí. Edé tó bá ti bàjẹ́ a máa rọ̀, a sì máa rùn. Eléyìí kò rùn, ó le ni. Iná ló pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Kò bínú. Ó gbé omi kaná, ó fi iyọ̀ sí i, ó sì dúró títí omi náà fi hó dáadáa. "Ẹ bá mi wo aago ọwọ́ yín."

Ó kọ́kọ́ da àwọn edé tútù kékeré sí i, tí kò ju ìka ọmọdé lọ. Ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó fi ajọ̀ kó wọn jáde, ó tì wọ́n bọ omi oní-yìnyín. "Bí ẹ kò bá tì wọ́n bọ omi tútù, ooru ara wọn yóò ṣì máa sè wọ́n." Ó jẹ́ kí omi hó padà, ó da àwọn alábọ́dé sí i. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀. Àwọn ńlá, tó nípọn ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ, gba mẹ́rin.

"Ẹ má gbà pé èèpo tó pọ́n ti tó," ni ó wí. "Èèpo ló ń kọ́kọ́ pọ́n. Ẹ wo ẹran ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ibi tó nípọn jù. Bó bá ṣì ń dán bíi gíláàsì, kò tíì jinná. Bó bá funfun dénú, tí ara rẹ̀ sì tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹ yọ ọ́. Bó bá ti di òrùka, ó ti jinná jù."

Làbákẹ́ bó ọ̀kan nínú àwọn ńlá, ó gé e jẹ. Ó rọ̀, ó sì dùn. Ohun mẹ́ta ló yé e lẹ́ẹ̀kan: wọ́n kìlọ̀ fún un, kò gbọ́, ó sì ti ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́.

"Kí làwọn màmá sọ nípa edé mi?" ni Shakirat bi í.

"Wọ́n... wọ́n ní kí n dúpẹ́."

Inú Shakirat dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi da èyí tó le nù, tó sì bu edé ńlá tútù kún ike náà. "Ẹ fi ṣe sàárà fún wọn nípàdé ọ̀la."

Ike náà kò wúwo, ṣùgbọ́n títí Làbákẹ́ fi délé, kò lè gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí Màmá Rosaline ti dárúkọ ọ̀ràn ẹlẹ́ja tuntun, Làbákẹ́ dìde. Ó ti gbé omi kaná ní ilé ìdáná. Ó pe gbogbo wọn síbẹ̀, ó ka ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yọ edé, ó tì í bọ omi oní-yìnyín, ó pín in. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ń mi orí pé ó dùn.

"Ọwọ́ ta lẹ ti rí èyí?" ni Màmá Rosaline bèèrè.

"Ọwọ́ Shakirat. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni tọjọ́ Ìsinmi ti wá, ó sì dára bí èyí. Èmi ni mo sè é pa. Ó kìlọ̀ fún mi, mo fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí ojú tì mí, mo purọ́ mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá Rosaline gba ìgbákọ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbé e kọ́ sára ògiri.

"Shakirat ni yóò máa bá wa ta ẹja lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín kò tíì parí, Làbákẹ́. Ẹni tí ẹ bà jẹ́ kò sí níhìn-ín."

Òótọ́ ni. Kí oòrùn tó wọ̀, Làbákẹ́ ti dúró níwájú àwọn abọ́ mẹ́ta ní Ìwáyà, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀, títí kan irọ́ ìdúpẹ́. Shakirat kò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró: ńlá síbí, kékeré sọ́hùn-ún. Nígbà tó ṣa abọ́ kan tán, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ Làbákẹ́.

"Ó dùn mí, Àǹtí. N kò ní purọ́ fún yín." Ó tún ju edé kan sínú abọ́. "Ẹ jókòó. Ẹ bá mi ṣa àwọn kékeré."

Làbákẹ́ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.