Ẹni Tó Bú Badmus Ní Ọ̀kà

Ní ọdún tí Èkìtì kó ẹrù rẹ̀ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣọ́ọ̀bù Badmus onígbàjámọ̀ ló ń kún jù ní àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́. Kì í ṣe pé ó mọ irun gẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Èébú ló ń tà, irun gígẹ̀ ló fi ń ṣe ènì. Èmi Oyèbọ̀dé, aránṣọ tó múlé tì í, máa ń pa ẹ̀rọ mi tì kí n lè gbọ́ ẹni tó kàn. Bí kò bá ti jẹ́ èmi, mo máa rẹ́rìn-ín.

Badmus gbà pé òun mọ ìdí ẹ̀rín wa. “Mo ń gbé yín gun àga ni,” ó máa ń wí. “Bí mo bá ní orí Gàníyù oníbàárà mi dà bí iṣu tí wọ́n fi ìbínú wà, kálukú á fọwọ́ pa orí tirẹ̀, á rí i pé tòun sàn díẹ̀. Adùn yẹn ló ń di ẹ̀rín.”

Fọláránmi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò gbà. Ó ní lóòótọ́ ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan ti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ní ohun tí a ti ń pa mọ́ sínú ló ń tú jáde. Ẹ̀rù ni o, ìbínú ni o, agbára la fi ń tì í mọ́ inú. Bí ẹlòmíràn bá wá fi àwàdà sọ ọ́, agbára yẹn kò níṣẹ́ mọ́, ẹnu ló ń gbà jáde bí ẹ̀rín. “Bó bá jẹ́ pé gígun àga nìkan ni,” ó ní, “bú arọ tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ká wò ó bóyá a máa rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Badmus kì í kọ ìjà. Ó bú arọ náà. Gbogbo wa la sàn ju ọkùnrin yẹn lọ, síbẹ̀ ẹnì kan kàn wúkọ́ ni, àánú sì ṣe mí.

Ó yí ọ̀rọ̀ sí Zacchaeus, onílé wa, tí gbogbo wa ń ṣí fìlà kí. Ó ní ikùn Zacchaeus á ti wọlé, á ti kí ará ilé, á ti jókòó, kí ó tó di pé onítọ̀hún dé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

“Ẹ gun orí Zacchaeus náà nìyẹn,” Badmus ní.

“Kí ló wá dé tí gbogbo yín ń wo ẹnu ọ̀nà?” tíṣà bi wá. “Ó dáa, Badmus, pè é ní òmùgọ̀ lásán.”

Badmus pè é bẹ́ẹ̀. A tún wo ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rín kò jáde. Tíṣà ní èébú tí kò wọ ẹ̀wù àwàdà kò lè mú wa gbàgbé ẹ̀rù. Badmus ní ìwé ti ba orí rẹ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ ni Kareem, ọmọ Badmus, rí Limota tó fẹ́ fi ṣe aya ní Ọ̀kà, ìlú tó wà nítòsí wa. Alhaji Múrítàlá, bàbá ọmọbìnrin náà, ti lé ìdílé kan tó kọ́kọ́ wá tọrọ rẹ̀ padà torí pé agbẹnusọ wọn ṣe àwàdà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í bá àna ṣeré, ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀. Kareem kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ tọrọ Limota. Raliat ìyá rẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó jọ̀ọ́ pa ẹnu mọ́.

Bí a ti dé ilé Alhaji ní Ọ̀kà, a dọ̀bálẹ̀. Alhaji kò ní ká dìde. Ó wo Badmus pẹ́.

“Ẹ̀yin lẹ bí ọmọ yìí?” ó ní. “Ojú yín kéré, ẹnu ló gba ilẹ̀ tó kù. Alihamdulilai, ìyá rẹ̀ ló jọ.”

Ilé wó fún ẹ̀rín, ti àwa tí a bá Badmus wá sì ròkè ju ti onílé lọ. Kareem ń gbọ̀n lórí ẹní níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rí èsì tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun Badmus. Bí ó bá sọ ọ́, Limota ti lọ nìyẹn.

Ó gbé e mì. “Òótọ́ ni, Alhaji.”

“Ẹ dìde,” Alhaji ní. “Ẹni tó lè gba èébú láì dá a padà, ọmọ mi á lè bá a gbé.” Ó fún wa lọ́mọ.

Nínú ọkọ̀ tí ń gbé wa padà, Badmus bi wá ní ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rù tó wà láyà mi ló tú jáde,” Raliat ní. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, n kò sọ pé mo gun àga díẹ̀.

“Kareem, ìwọ ńkọ́?”

“Ẹ̀rù bà mí, Bàbá,” ọmọ náà ní. “Ṣùgbọ́n láti kékeré lẹ ti ń bú mi lójú àwọn oníbàárà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tó máa bá mi dá a padà.”

Badmus kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìkàrẹ́. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.