Sìkánà Tí Kọ̀ǹpútà Tuntun Kọ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń rí Àtinúkẹ́ Sàlámì lára bí ẹní gbé oúnjẹ tó ti bàjẹ́ sí i níwájú: "Ẹ máa mánéèjì ẹ̀." Bàbá rẹ̀ ló dá ilé fótò sílẹ̀ ní Òkè-Ìlá l'Adó, bàbá náà kì í sì í mánéèjì nǹkan kan. Fótò tí kò bá dára, yíya ni yóò ya á, yóò tún un yà. Nígbà tó kú, páálí nẹ́gẹ́tíìfù ni ogún tó kan ọmọ: ojú àwọn ará Adó, òkú àti alààyè, nínú fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́. Àtinúkẹ́ ra sìkánà tí ń ka fíìmù, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan. Ẹni tó bá ń wá fótò ẹbí rẹ̀ tó ti sọnù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ.

Ìgbà tó yá ni Olúgbénga dé, ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Adébáyọ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ẹ̀ńjíníà. Ó ní pàǹtí ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn. Ó gbé tuntun wá, wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì gbé pàǹtí lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọláyẹmí wọlé, olùkọ́ kan láti Ìfàkì. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bí i ni ìyá náà kú, iná sì jó gbogbo fótò ilé wọn. Kò rí ojú ìyá rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló sọ fún un pé àbúrò òun ya fótò ní Òkè-Ìlá kó tó lọ́kọ. Àtinúkẹ́ tú páálí títí, ó rí i, orúkọ ìyá náà wà lára àpò rẹ̀. Wọ́n gbé fíìmù náà sókè sí ìmọ́lẹ̀: irun funfun, funfun ojú di dúdú, eyín dúdú, gbogbo àwọ̀ ti yí padà. Ọláyẹmí fi fóònù yà á, ohun tó yọ kàn dà bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀ ni.

"Ẹ jókòó, mà," ni Àtinúkẹ́ wí. "Iṣẹ́ sìkánà nìyí."

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun kọ̀ jálẹ̀. Dráífà ni ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè sìkánà, èyí tó wà nínú àwo sídíì tó bá sìkánà náà wá sì jẹ́ ti Wíńdòsì ayé àtijọ́. Àtinúkẹ́ ránṣẹ́ pe Olúgbénga. Ìyẹn wa òmíràn jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ẹnì kan tí a ò mọ̀ ti tún ṣe. Kọ̀ǹpútà tún kọ̀ ọ́, ó ní kò sí òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é tí òun lè gbà gbọ́.

"Ìkìlọ̀ lásán ni, mà." Olúgbénga pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn, ó wọ ibì kan tó ti lè ní kó má béèrè òǹtẹ̀ mọ́, ó tẹ nọ́ńbà keje. Dráífà wọlé. Sìkánà tan iná. "Ẹ má ṣáà pa á o. Ẹ máa mánéèjì ẹ̀."

Ó lọ. Wọ́n ki fíìmù bọ sìkánà. Irun yọ lójú kọ̀ǹpútà, iwájú orí yọ, ìpéǹpéjú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ni wọ́n bá mú iná lọ. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbé kọ̀ǹpútà dìde, ó ti tún ń béèrè òǹtẹ̀, dráífà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àtinúkẹ́ pe Olúgbénga.

"Ṣé ẹ pa á ni? Tó bá ti kú, àyè tí mo gbà yẹn ti parí nìyẹn."

Ó mọ̀! Ó mọ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀. Àtinúkẹ́ pa fóònù. Ó tú sìkánà kúrò, ó gbé e mọ́ àyà, òun àti Ọláyẹmí gun ọ̀kadà lọ sí Adébáyọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ rí nínú ṣọ́ọ̀bù ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́, orúkọ ilé fótò bàbá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan ni Olúgbénga so mọ́ ọn.

"Pàǹtí mi rè é, Gbénga?"

Olúgbénga fọwọ́ ra orí. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ti pẹ́, mà. Dráífà rẹ̀ ò gba Wíńdòsì tuntun."

Àtinúkẹ́ wò ó bí ẹní ń wo aáyán nínú ọbẹ̀.  Ó kàn fa okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà yọ, ó ki ti sìkánà bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà kò béèrè nǹkan kan, dráífà àtijọ́ ṣì wà níbi tí Àtinúkẹ́ fi í sí.

"Wọn ò níí mú iná lọ báyìí?" Ọláyẹmí béèrè. Àtinúkẹ́ tún ki fíìmù bọ sìkánà.

Irun yọ, ojú méjèèjì yọ, ẹnu tó fẹ́ rẹ́rìn-ín yọ. Olúgbénga na fóònù láti yà á sórí ojú ìwé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Àtinúkẹ́ gbá ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọláyẹmí, tí ewú ti bo ẹ̀bátí rẹ̀, sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

"Ha," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ọmọdé ni ìyá mi."