Iṣẹ́ Tí Fọ́ọ̀mù Kò Béèrè

Nígbà tí mo ń bá ìjọba gba àkọsílẹ̀ ní Ìjàyè, ìyá kan rò pé owó orí ni mo wá gbà. Mo ní rárá, gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè ń pèsè lọ́dún là ń ṣírò. Mo kọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n tà, mo kọ èyí tí wọ́n jẹ nílé.

Wọ́n nawọ́ sí ọkọ wọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. "Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn. Ìyẹn ńkọ́?"

"Kò sí nínú ìṣirò, ìyá."

"Tí mo bá háyà nọ́ọ̀sì?"

"Ìyẹn á wọ inú ìṣirò."

"Iṣẹ́ kan náà? Ta ló gbé òfin yìí kalẹ̀?"

Mo bi wọ́n ní ìbéèrè tó kàn nínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n wò mí tìfura-tìfura, wọ́n ní àwọn ò dáhùn ìbéèrè kankan mọ́.