Àlàyé Tí Olójú Kan Kọ Sábẹ́ Omijé Àbúrò Rẹ̀

Olójú Kan ni gbogbo àdúgbò ń pe oníkámẹ́rà náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún tó ti fi ojú ọ̀tún wo inú kámẹ́rà ti sọ ojú òsì rẹ̀ di èyí tí ń dì fúnra rẹ̀, kódà bí ó bá ń ra búrẹ́dì. Kì í ṣe aláìmọ̀ṣẹ́. Ó mọ ibi tí a ti í dúró kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè bá ojú ìyàwó. Ó mọ bí a ti í fi ẹ̀yìn rìn níwájú tọkọtaya láìkọsẹ̀. Ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí kámẹ́rà kúrò lójú ènìyàn kí ó lọ wo ọwọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni bí a ti í jẹ́ kí aráyé mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìlú ńlá ló ti kọ́ṣẹ́, tó sì ti fi ìgbà èwe rẹ̀ sin ọ̀gá kan lẹ́yìn òmíràn. Gbogbo fídíò tó yà níbẹ̀, orúkọ ọ̀gá ló wà lára wọn. Nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò le mọ́, ó padà sílé, ó gba yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ó sì kó ẹrù rẹ̀ sí i: tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, aṣọ dúdú tó ta sójú fèrèsé kí oòrùn má baà yí àwọ̀ àwòrán padà lójú rẹ̀, àti àga méjì fún àwọn oníbàárà. Àga méjèèjì gba eruku títí ó fi sú wọn. Àwọn ará ìlú tó ń ṣègbéyàwó, láti ìlú ńlá ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe àwọn tí yóò yà á, wọn kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò wọn.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, tí ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí. Nígbà tí àbúrò yìí fẹ́ lọ sílé ọkọ, Olójú Kan ló ya ìgbéyàwó náà láti òwúrọ̀ títí tí wọ́n fi ń ká àga nínú gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà ó yọ fídíò kékeré kan jáde láti inú rẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ náà fi ń kó ibi tó dára jù jọ fún àwọn tí kò wá. Iṣẹ́ náà dára. Ní àárín rẹ̀, ìyàwó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ọkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omijé kan bọ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ilẹ̀kùn ṣí, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó wo ibẹ̀ tí kì í fẹ́ tún un wò.

Ó gbé e sórí ìkànnì. Àkọlé tó fún un ni «Ìfẹ́ Tí Kò Lópin». Àlàyé tó kọ sábẹ́ rẹ̀ gùn bí ìwàásù, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Àwọn ẹbí wò ó. Lẹ́yìn àwọn ẹbí, kò sí ẹlòmíràn.

Obìnrin onítẹ̀wé ló là á lójú.

«Olójú Kan, ta ló ń wá ìfẹ́ tí kò lópin lórí fóònù?» Ó ń to káàdì bó ti ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. «Ẹni tó fẹ́ ṣèyàwó, oníkámẹ́rà ló ń wá. Á kọ ‹fídíò ìgbéyàwó›, á kọ orúkọ ìlú, á tẹ̀ ẹ́. Ìlú wo ló wà nínú àkọlé tìẹ?»

«Àǹtí, iṣẹ́ ọnà ni. Èèyàn kì í kọ orúkọ ìlú sára ọnà.»

«Ọnà ẹ ni mo rí, nọ́ńbà ẹ ni mi ò rí. Ìlà méjì àkọ́kọ́ nìkan ló ń hàn kéèyàn tó tẹ ibi tí ìyókù wà. Àwọn tó ń bá mi ra káàdì, wọn ò ní sùúrù láti ka orúkọ ara wọn, áḿbọ̀sì ìwàásù tìẹ.»

Ó bínú, ó gòkè lọ, ó sì ṣe bí obìnrin náà ti wí. Ó yọ ìfẹ́ tí kò lópin kúrò. Ó fi «Fídíò Ìgbéyàwó» síwájú, ó fi orúkọ ìlú tẹ̀ lé e, orúkọ gbọ̀ngàn, lẹ́yìn náà orúkọ ìyàwó àti ti ọkọ. Nínú àlàyé, ó kọ nọ́ńbà fóònù sí ìlà kejì. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó to àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sí, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tó ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́, ẹni tó kun ìyàwó lójú, ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó tẹ káàdì, ìyẹn mú kí àwọn náà máa fi fídíò han àwọn oníbàárà tiwọn. Ó kọ ìṣẹ́jú tí ìran kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, fídíò á fò lọ síbi tó fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rí, ni ó ro jùlọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: «Ẹ wo bí omijé ayọ̀ ṣe bọ́ lójú ìyàwó kí ilẹ̀kùn tó ṣí.»

Díẹ̀díẹ̀ ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn tó ń pè kò béèrè irú kámẹ́rà tó ń lò. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: wọ́n fẹ́ irú ti omijé ayọ̀ yẹn. Eruku kúrò lórí àga. Ó ra kámẹ́rà kejì, ó kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lára pátákó náà.

Kò tíì pé ọdún tí àbúrò rẹ̀ gbé àpótí kan padà wá sílé ìyá wọn. Kò ròyìn púpọ̀. Etí rẹ̀ òsì, tí ọwọ́ ọkọ ti bà, kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó ní kí ó ròyìn. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìyá tó ń mú ọmọ wọn wá a máa rẹ́rìn-ín sí i pé, «Ìyàwó ẹlẹ́kún ayọ̀, ọkọ wa ńkọ́?»

Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lókè.

«Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ fídíò yẹn kúrò.»

«Jókòó ná. Mo ti rò ó. Màá yọ orúkọ yín kúrò nínú àkọlé. Ẹni bá wá orúkọ ẹ kò ní rí i mọ́.»

«Orúkọ kọ́ ni wọ́n fi ń pè mí. Ẹkún ni.»

«Òun ló ń gbé oníbàárà wá fún mi. Tí mo bá yọ ọ́, ọdún mélòó ni mo máa tún fi wá irú ẹ̀?»

«Ẹ jẹ́ kó wà, nígbà náà. Ẹ yọ ‹ayọ̀› kúrò níbẹ̀.»

«Kí n wá kọ kí ni? Omijé lásán? Ta ló ń gba oníkámẹ́rà sí ọ̀fọ̀?»

Àbúrò yí etí ọ̀tún rẹ̀ sí i. «Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ fi máìkì sí ọkọ mi láyà lọ́jọ́ ìgbéyàwó.»

Òtítọ́ ni. Máìkì kékeré ni wọ́n máa ń há mọ́ aṣọ ọkọ ìyàwó kí ohùn ẹ̀jẹ́ lè mọ́, ọkọ ìyàwó a sì máa gbàgbé pé ó wà lára òun. Olójú Kan gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tó ń to fídíò pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: «O tún dójú tì mí lójú àwọn èèyàn mi. Jẹ́ ká délé.» Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, bí ẹni ń ṣàdúrà. Omijé ló tẹ̀ lé e. Ó pa ohùn náà mọ́lẹ̀, ó gbé orin lé e lórí, orin náà sì bá ojú ìyàwó mu rẹ́gí.

«Mo rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni,» ni ó wí.

«Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, Bọ̀ọ̀dá. Mo rí kámẹ́rà yín. Mo rò pé ẹ ti gbọ́, ẹ ó wá nǹkan sọ. Títí ọkọ̀ fi gbé mi lọ ni mò ń retí yín.»

Ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wọlé, wọ́n wá gba oníkámẹ́rà. Àbúrò dìde fún wọn lórí àga. Ìyá náà wò ó, ó tún un wò.

«Ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìyàwó inú fídíò yẹn? Omijé ayọ̀?»

Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àbúrò ń wò.

«Bẹ́ẹ̀ ni, mà,» ni Olójú Kan wí. «Òun ni. Àbúrò mi ni.»

«O ò rí i pé ọmọ ìyá ẹni ló mọ èèyàn í yà,» ni ìyá náà wí fún ọmọ rẹ̀. «Irú ẹ̀ gan-an la fẹ́.»

Kí wọ́n tó yan ọjọ́ tán, àbúrò ti sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Olójú Kan bá obìnrin onítẹ̀wé nísàlẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò bá a dá ara rẹ̀ láre. «Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ àlàyé.»

«Orúkọ ìlú ni mo ní kó o kọ,» ni obìnrin náà wí. «Orúkọ ìlú àti nọ́ńbà.»

Olójú Kan mú ìlérí tó ṣe fún àbúrò rẹ̀ ṣẹ. Ó yọ orúkọ méjèèjì kúrò nínú àkọlé, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ kò yí padà. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ kan hàn lábẹ́ fídíò, láàárín àwọn ìkíni àwọn òǹwòran: «Èmi ni ìyàwó yìí. Kì í ṣe ayọ̀.» Ẹni tó ni fídíò lágbára láti pa ohun tí òǹwòran kọ rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà tún hàn, Olójú Kan tún pa á rẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti ibẹ̀ pa pátápátá, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè kọ ohunkóhun síbẹ̀ mọ́, yálà ìkíni tàbí òmíràn.

Àbúrò kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, ní ìlú mìíràn. Ìyá wọn ló máa ń pè. Ìyá kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan ó na fóònù rẹ̀ sí Olójú Kan, ìyẹn sì gbà á.

«Àbúrò ẹ ní òun kọ nǹkan sábẹ́ fídíò yẹn. Bá mi kà á.»

«Kò sí níbẹ̀ mọ́, Màmá.»

«Ta ló mú un kúrò?»

Ó ní bátìrì òun ti kún, pé òun ní ìgbéyàwó kan láti yà lọ́la, ilẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣú bá òun lọ́nà. Ó gbé àpò kámẹ́rà kọ́ èjìká. Ó na fóònù náà padà, ìyá rẹ̀ kò gbà á, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ọmọ rẹ̀ títí Olójú Kan fi gbé fóònù sórí àga, tó sì jáde.